Láti ara èèpo igi dé ara àkísà: bí bébà ṣe rin ọ̀nà àwọn oníṣòwò, àti bí ẹ ṣe lè ṣe é nílé

Ẹ mú abala bébà kan, ẹ rọra fà á ya, kí ẹ wá gbé etí ibi tó ya sókè sí ìmọ́lẹ̀. Irun tín-ín-tín tín-ín-tín tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni bébà gan-an. Fọ́nrán ara ohun ọ̀gbìn ni. Wọ́n tú u ká sínú omi, wọ́n fi asẹ́ kó o jáde, ó sì dì mọ́ra fúnra rẹ̀ nígbà tí omi gbẹ. Ìwé yìí sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó yí padà nínú rẹ̀ nígbà tó dé ìlú tí kò ní igi tí wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó ṣàlàyé bí agbo ilé ṣe lè fi àkísà aṣọ òwú, odó àti asẹ́ ṣe é.

Ìwẹ̀fà ọba Ṣáínà

Ní ọdún 105 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìwẹ̀fà kan tó ń jẹ́ Sái Lún, tí ilé iṣẹ́ ọwọ́ ààfin wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, lọ ròyìn ohun ìkọ̀wé tuntun fún Ọba Hẹ́ẹ̀ ti ìdílé Hàn ní ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn akọ̀tàn ààfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun mẹ́rin ló fi ṣe é: èèpo igi, ìdọ̀tí fọ́nrán hẹ́m̀pù tí wọ́n fi ń ṣe okùn, àkísà, àti àwọ̀n apẹja tó ti gbó. Kó tó di ìgbà náà, ara ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì fi okùn so pọ̀, ni wọ́n ń kọ̀wé sí, tàbí ara sílíkì. Ọparun wúwo, sílíkì sì wọ́n.

Sái Lún kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe bébà. Wọ́n ti hú bébà tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí lára jáde nínú sàréè kan ní Fáńgmátàn, ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ṣáínà, ó sì ju igba ọdún lọ ṣáájú ìròyìn tí ìwẹ̀fà yìí jẹ́ fún ọba. Ohun tí mo rí bí iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó fi hàn pé ohun tí kò wúlò mọ́ lè di bébà tó dára, ó sì mú èèpo igi kún un.

Igi tí wọ́n wá ń lò jù lọ ni igi mọ́líbẹ́rì oníbébà. Wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kí èèpo lè bó, wọ́n á sì ha èèpo dúdú òde kúrò kó ku funfun inú. Inú omi eérú ni wọ́n ti ń se funfun yìí. Oje kan wà lára èèpo tó lẹ fọ́nrán pọ̀, omi lásán kò sì lè tú u. Omi eérú ló ń yọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ba ọ̀rá jà nínú ọṣẹ dúdú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á gún un, tí wọ́n á dà á sínú agbada omi ńlá, tí wọ́n á sì ti asẹ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí èyí wá irúgbìn igi náà kiri. Ní 1969 ni wọ́n gbé e wọ Gánà láti dán an wò fún bébà ṣíṣe. Àwọn ẹyẹ àti àdán jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì su kóró rẹ̀ káàkiri. Lónìí, ó ti gba inú àwọn igbó ọba kan níbẹ̀, kò jẹ́ kí igi ìbílẹ̀ hù, ó sì ń yọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n bá gé e, ṣe ló ń rú padà.

Lẹ́tà tí kò délé

Àwọn ará Sọ́gídíà ni oníṣòwò tó mọ ọ̀nà láti Ṣáínà lọ sí ìwọ̀-oòrùn jù. Agbègbè Sámákándì, tó wà ní orílẹ̀-èdè Usibẹkísítáànì lónìí, ni ilé wọn. Ní 1907, Ọ́rẹ́lì Ṣítáínì, onímọ̀ tó ń hú ohun àtijọ́ jáde, rí àpò lẹ́tà wọn kan nínú ilé ìṣọ́ tó ti wó nítòsí Dúńwáńgì ní Ṣáínà, ní ẹnu aṣálẹ̀. Nǹkan bí ọdún 313 ni wọ́n kọ wọ́n, lórí bébà, wọ́n sì ká wọn pọ̀ kékeré kí wọ́n lè wọnú ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ sí Sámákándì. Òmíràn jẹ́ ti obìnrin kan, Mìúnáì, tí ọkọ rẹ̀ pa tì sí Dúńwáńgì láìsí owó. Ó kọ̀wé sí ọkọ náà pé ó sàn kí òun jẹ́ aya ajá tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ju kí òun jẹ́ aya rẹ̀ lọ. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bébà yẹn títí di òní.

Lẹ́tà wọ̀nyí kọ́ wa ní ohun kan: àwọn oníṣòwò ti ń lo bébà lójú ọ̀nà náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kó tó di pé ìlú tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn. Ọjà ló kọ́kọ́ rìnrìn àjò, iṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé e.

Ohun tó yí padà ní Sámákándì

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí ọmọ ogun Lárúbáwá ṣẹ́gun ti Ṣáínà lódò Tálásì ní 751, àwọn ẹrú ogun tó mọ bébà ṣe ló kọ́ àwọn ará Sámákándì. Ẹni tó kọ ìtàn yẹn sílẹ̀ gbé ayé ní ohun tó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn ogun náà, àwọn onímọ̀ kò sì gbà á tán, nítorí bébà ti wà lágbègbè náà kí ogun tó dé. Èmi náà gbà pé lẹ́tà àwọn Sọ́gídíà sọ òótọ́ ju ìtàn ogun lọ.

Èyí tó yẹ ká fara balẹ̀ wò ni pé igi mọ́líbẹ́rì oníbébà kò sí ní Sámákándì. Àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ àti okùn hẹ́m̀pù tó gbó ni wọ́n gbá mú. Àwọn ará Ṣáínà náà ti ń da àkísà pọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn ó di olórí ohun èlò. Ó sì bọ́gbọ́n mu. Aṣọ tó gbó jẹ́ fọ́nrán tí ẹlòmíràn ti bá yín ṣiṣẹ́ lé lórí: ẹni tó ṣètò rẹ̀ ti yọ oje rẹ̀, ẹni tó ran òwú ti tò ó, ẹni tó fọ aṣọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ti mú kó rọ̀. Èyí tó kù ni kí ẹ tú u ká. Kò sí ìlú tí kò ní àkísà, ìdí nìyẹn tí bébà fi lè ṣe ní ibi gbogbo tó dé.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà dé Bàgídáàdì ní nǹkan bí 795. Àwọn akọ̀wé ìjọba fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ha ọ̀rọ̀ kúrò lórí awọ lè kọ òmíràn sí i láìsí ẹni tó máa mọ̀, ṣùgbọ́n bébà a máa ya. Ó gba Dàmásíkù, Káírò àti Fẹ́ẹ̀sì kọjá, ó dé Ṣátífà ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì wọ Fàbíríánò ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Lẹ́yìn náà, bébà Ítálì tó ní àmì òṣùpá mẹ́ta lára gba Tírípólì la aṣálẹ̀ kọjá wọ Kánò. Ọ̀rọ̀ Haúsá fún un, takarda, ló di tákàdá lẹ́nu àwa Yorùbá.

Bí ẹ ṣe lè fi síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣe é

Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àgbàlagbà tó ti gbó wúwo tó nǹkan bí 100 gíráàmù. Iye yẹn lè fún yín ní bébà bíi méjìlá tó tóbi tó ojú ìwé lẹ́tà, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wúwo tó gíráàmù mẹ́jọ. Kó gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú pátápátá. Ẹ fi iná sun etí rẹ̀ díẹ̀: òwú a máa di eérú, a sì máa rùn bíi bébà tó jó, ṣùgbọ́n aṣọ oníke a máa yọ́, a sì máa di kóró líle. Èyí tó bá yọ́ kò wúlò.

Ẹ gé e sí kékeré bí èékánná ọmọdé, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì. Ẹ sẹ́ omi eérú bí àwọn aláró àti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti ń ṣe é. Eérú èèpo kòkó dára gan-an. Omi náà ti tó bó bá ń yọ̀ láàárín ìka. Ẹ se àkísà nínú rẹ̀ fún wákàtí méjì nínú ìkòkò irin. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, nítorí omi eérú a máa jẹ ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ó ta sójú yín. Ẹ wá fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́ gaara.

Gígún ló nira jù. Ẹ lo odó tí ẹ kì í fi gún oúnjẹ, kí ẹ máa gún ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú omi díẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan odidi tàbí méjì. Ẹ má fi aago wọ̀n ọ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí okùn òwú tàbí ègé aṣọ, ẹ padà sídìí odó. Bó bá dà bí ìkuukùu tó tàn kárí omi, ó ti tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọwọ́ ro mí, mo sì dá a dúró láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bébà mi gbẹ tán, ṣùgbọ́n ó tú bí àkàrà tó ti pẹ́ nígbà tí mo ká a.

Ẹ da òwú gígún náà sínú ọpọ́n ńlá tó gba nǹkan bí lítà 20 omi, kí ẹ rò ó dáadáa. Asẹ́ yín lè jẹ́ férémù igi tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó le kàn. Ẹ tì í bọ omi lóòró, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì mì í díẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn kí omi tó tán nínú rẹ̀. Mímì yìí ló ń mú kí fọ́nrán dábùú ara wọn. Bí ẹ kò bá mì í, bébà yóò máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ẹ máa rò ó ṣáájú ìbọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí òwú a máa rọ̀ sísàlẹ̀, bébà àkọ́kọ́ yóò sì nípọn ju ti ìkẹyìn.

Ẹ dojú asẹ́ dé orí aṣọ títutù, kí bébà bọ́ sí i. Ẹ to aṣọ àti bébà léra wọn, ẹ fi pákó méjì há wọn, kí ẹ gbé òkúta ńlá lé e mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri tó dán níbi òjìji. Oòrùn líle a máa ká wọn.

Kí tádàwà má bàa tàn kálẹ̀

Bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ a máa fa tádàwà mu bí aṣọ. Àwọn ará Sámákándì àti Bàgídáàdì ń fi ògì àlìkámà tàbí ti ìrẹsì tó ṣàn pa á lára, wọ́n á sì fi òkúta dídán fá a. Ògì àgbàdo tàbí ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ máa ṣiṣẹ́ náà fún yín, bó bá ṣàn dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń hu èbu níbi ọ̀rinrin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Fàbíríánò fi fi oje awọ ẹran tí wọ́n sè rọ́pò ògì. Bí ẹ bá se awọ títí ó fi dì bí jẹ́lì nígbà tó tutù, ẹ fi omi gbígbóná là á, kí ẹ ri bébà bọ̀ ọ́ ní lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì tún sá a sójú atẹ́gùn. Ẹ fi tádàwà kán sí igun kan kí ẹ tó kọ ohunkóhun: bí kíkán náà bá dúró sójú kan, ó ti tó kọ.