Ìdágbére tí mo kọ sí èèyàn 231

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ṣé bó o ṣe máa yọ́ lọ nìyẹn? Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ pé o ò sí nílé mọ́." Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo fi odindi alẹ́ méjì kọ ìdágbére, tí mo fi ránṣẹ́ sí èèyàn 231, èmi ni wọ́n ń pè ní ayọ́lọ!

Ọ̀rọ̀ físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹrù dídì, mi ò ní í bá yín sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò rí ẹni tó máa kọ́ ọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni bí èèyàn ṣe ń sọ fáwọn tó mọ̀ ọ́n pé òun ń lọ, tí ọ̀rọ̀ náà á sì dé etí wọn.

Ohun tí mo lò ni New broadcast ti WhatsApp. Ó ń gba èèyàn 256 lórí àkójọ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa tẹ ọ̀rọ̀ rẹ, oníkálùkù á sì rí i bíi pé òun nìkan lo kọ ọ́ sí. Mo fi yangàn nígbà náà pé ìṣẹ́jú kan ni mo fi dágbére fún gbogbo ayé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bínú ni mo tó padà lọ sórí ọ̀rọ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ṣí Message info. Èèyàn 138 ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn. 93 kò rí nǹkan kan gbà.

Ìdí rẹ̀ ni pé WhatsApp kì í gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀. Kò kàn án pé ìwọ ní nọ́ńbà tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti pààrọ̀ fóònù lọ́dún tó kọjá, orúkọ tó wà lórí ti àtijọ́ sì bá a lọ. À ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà lásán láti ìgbà náà, kò sì sọ fún mi. Èyí tó tún bí mi nínú ni pé iye àwọn tó kù nìkan ni Message info kọ, kò kọ orúkọ wọn. Èmi fúnra mi ni mo fi àkójọ méjì wé ara wọn, lórúkọ lórúkọ, títí mo fi mọ àwọn 93.

Mo kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ oníkálùkù lókè. Mi ò lo Forward, nítorí èèyàn márùn-ún péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi ti àwọn àdúrà tí wọ́n máa ń pín kiri láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, à bá ti parí ọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ keje ni ọmọ kíláàsì mi kan ní kí n lo Change number, kí n gbé WhatsApp mi sórí síìmù tí mo rà níbí. Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo kábàámọ̀ ọ́ títí dòní.

Àkọ́kọ́, orúkọ àwọn èèyàn mi pòórá. Nọ́ńbà lásán ló kún ojú fóònù mi. Ohun tó fà á ni pé òdo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà gbogbo wọn, bí a ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nílé. Nígbà tí mo ṣì wà lórí nọ́ńbà ilé, WhatsApp mọ orílẹ̀-èdè tí òdo náà jẹ́ tirẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ sórí nọ́ńbà ibí, ó rò pé èèyàn ibí ni gbogbo wọn. Mo ní láti yọ òdo, kí n fi àmì + àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wa síwájú. Mo ṣe é fún èèyàn 112, àwọn tí mi ò lè pàdánù, mo sì fi ìyókù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tó bá ní + níwájú ń ṣiṣẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi bákan náà. Ilé ni mo ti yẹ kí n ti ṣe é, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mi ò níṣẹ́.

Èkejì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Mo fẹ́ fi àdírẹ́sì mi tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, mo tún lo broadcast. Èèyàn 11 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ta ló fẹ́ ti fi nọ́ńbà tí mo rà lọ́sẹ̀ yẹn pamọ́? Lóòótọ́, Change number máa ń bi ọ́ bóyá kí òun sọ fáwọn èèyàn rẹ, mo sì ní kó sọ. Àmọ́ ìlà kékeré kan lásán ni wọ́n rí, àwọn díẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ láti fi nọ́ńbà tuntun pamọ́. Àwọn tó kù rò pé gbájúẹ̀ ni. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, èsì tí wọ́n fọ̀ ni, "Ta nìyí? Kí ni ìyá àgbà máa ń pè ọ́ ní kékeré?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Arẹ́rìn-ín ni." Ìgbà náà ni wọ́n tó gbà pé èmi ni.

Mo fẹ́ padà sórí nọ́ńbà ilé. Síìmù náà wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ WhatsApp máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ kó tó gbà, mi ò sì tan Roaming, tó ń jẹ́ kí síìmù ilé ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, kí n tó kúrò nílé. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Èsì wọn kò yàtọ̀: kí n tẹ nọ́ńbà kan lórí síìmù náà nígbà tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Ẹni tó wà lókè òkun ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o.

Ká ní mo mọ̀ ni, WhatsApp mi ì bá ṣì wà lórí nọ́ńbà ilé. Kò pọn dandan kí síìmù wà nínú fóònù kó tó ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ ni pé kí ìlà náà má kú, nítorí tí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíì, ẹni náà lè fi ṣí WhatsApp tirẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi tan Two-step verification, tó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kí wọ́n tan Roaming nílé, kí wọ́n sì máa ra káàdì díẹ̀ sórí rẹ̀.

Ìdágbére mi àkọ́kọ́ náà ní àléébù. Ó gùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo olùkọ́, mo sì kọ ọjọ́ tí mo máa wọ bàálù síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi wí pé ṣe ni mo ń sọ fún olè ìgbà tí yàrá mi máa ṣófo. Èyí tí àbúrò mi, tó ń lọ lọ́dún yìí, gbà lọ́wọ́ mi kúrú:

"Mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun, ọdún méjì ni màá lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mi, kí ọ̀rọ̀ mi lè máa dé ọ̀dọ̀ yín. Orí WhatsApp ni kí ẹ ti pè mí. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ yín, aago méjì ọ̀sán ni níbí, mo wà ní kíláàsì. Ọjọ́ Sátidé ló dára jù. Tí nọ́ńbà mìíràn bá tọrọ owó lórúkọ mi, ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n mi."

Gbólóhùn kejì yẹn ni kó má fò. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò ni kó fi ránṣẹ́ láìsọ pé òun ń lọ, kó kàn ní kí wọ́n fi nọ́ńbà òun pamọ́. Nígbà tí ìdágbére gan-an bá tó lọ, ọ̀nà ti là.

Ọ̀rẹ́ mi ti dárí jì mí. Ó ti fi nọ́ńbà mi tuntun pamọ́, ó sì ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ fi ránṣẹ́ kí n lè rí orúkọ tó kọ síbẹ̀: Ayọ́lọ.