Bí mo ṣe so iná àtẹ̀gùn oní súwíìsì méjì, àti ìwé tí mo fi kọ fáwọn ọmọṣẹ́ wa

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàdàn ni, onílé fẹ́ máa tan iná àtẹ̀gùn látìsàlẹ̀ kó sì pa á tó bá dókè. Tuwéè lásán ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mi wá ní kí n fi iṣẹ́ náà kọ ìwé kan tá a máa lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù fáwọn ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí n ya àwòrán ẹ̀ sí i, torí náà bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń kọ ọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pípa iná. Búrékà iná ìsàlẹ̀ yàtọ̀, tòkè yàtọ̀, mo pa méjèèjì, mo fi téèpù dì wọ́n pa, mo sọ fáwọn ará ilé pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, mo tún pa ínfátà tó wà ní pálọ̀, torí Nẹ́pà lè mú iná lọ kí ínfátà ṣì máa gbé iná wá sórí wáyà yẹn. Mo wá mú tẹ́sítà ẹlẹ́nu méjì (kì í ṣe skrudráfà tó ń tan iná pupa o, èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé yẹn), mo kọ́kọ́ fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, mo wá fi wò ó níbi tí mo ti fẹ́ ṣiṣẹ́: láìfù sí niútírà, láìfù sí ẹ́ẹ̀tì, niútírà sí ẹ́ẹ̀tì, mo tún padà fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bóyá tẹ́sítà ò tíì kú.

Àwòrán nìyí. Ẹ ya àpótí kékeré kan sísàlẹ̀ ìwé lápá òsì, súwíìsì ìsàlẹ̀ nìyẹn, ẹ ya ìkejì sókè lápá ọ̀tún, ẹ kọ COM, L1 àti L2 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà lẹ́yìn súwíìsì gan-an. Ìlà pupa kan ti búrékà wá sínú COM ìsàlẹ̀. Ìlà méjì lọ sókè, L1 sí L1, L2 sí L2. Láti COM òkè, ìlà kan lọ sí gílóòbù. Ìlà dúdú ti gílóòbù lọ tààrà sí báà niútírà nínú bọ́ọ̀dù, kò kan súwíìsì kankan. Ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò, lọ sára ohunkóhun tó bá jẹ́ irin. Tí súwíìsì méjèèjì bá wà lápá L1 tàbí méjèèjì lápá L2, iná tàn, tí wọ́n bá yàtọ̀, ọ̀nà já. Wáyà 1.5 ni mo lò, búrékà 6 áńpù. Nínú ilé tuntun, búráùn ni láìfù, búlúù ni niútírà. Àwọn wáyà méjì àárín yẹn, láìfù ni wọ́n, kódà tí àwọ̀ wọn bá jẹ́ dúdú, ẹ fi téèpù pupa wé ẹnu wọn.

Ibi tí wàhálà wà gan-an rèé. Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ mú láìfù látìsàlẹ̀ àmọ́ ó yá niútírà lókè torí òun ló sún mọ́ gílóòbù jù. Iná ń tàn dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan pa búrékà òkè nìkan láti ṣiṣẹ́ lókè, tó tú niútírà òkè kúrò ní báà, tí iná àtẹ̀gùn sì wà ní títàn, láìfù ìsàlẹ̀ máa gba inú gílóòbù kọjá sẹ́nu wáyà dúdú tó dì mọ́wọ́, 230 fóòtì gbáko, lórí wáyà tó rò pé ó ti kú. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ ní pípa, mo yọ gílóòbù, mo tú niútírà ìsàlẹ̀ àti tòkè ní báà, mo gbé mítà sí ibi tó ń ké píì, mo fi ẹnu kan sí niútírà gílóòbù: tìsàlẹ̀ ò ké, tòkè ké. Mo fa niútírà tuntun látìsàlẹ̀, mo yọ èyí tó yá. Nílé tí búrékà tó ń já tí iná bá ń jò bá wà lọ́tọ̀ fún ìsàlẹ̀, tó wà lọ́tọ̀ fún òkè, èyí kì í fara pamọ́, bí wọ́n bá ti tan iná àtẹ̀gùn báyìí ló máa já.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ dán ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí súwíìsì méjèèjì lè gbà wà wò. Ó yẹ kí iná tàn ní méjì nínú wọn. Tó bá tàn ní ẹyọ kan péré, tí súwíìsì kan bá wà ní pípa tí ìkejì ò lè tan iná rárá, ẹ ti fi wáyà COM sí L1 tàbí L2 nínú ọ̀kan, ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Tí onílé bá fẹ́ súwíìsì kẹta láàárín àtẹ̀gùn, súwíìsì oníhò mẹ́rin ni, ó máa jókòó sórí àwọn wáyà méjì àárín yẹn, ìyẹn ò sí lórí ìwé yìí.