Mo san owó-orí àwọn olùkọ́ mi láti inú àpò ara mi: bí mo ṣe wá kọ́ ìṣirò rẹ̀

Owó-orí ọdún 2025 tí mo san ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí kì í ṣe tèmi. Ti àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ni, àwọn tí mo ti san owó oṣù wọn ní pípé, tí mo sì ti sọ fún pé kí kálukú lọ san owó-orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó tí ènìyàn fi òógùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí wá yẹ ìwé wa wò, ọwọ́ mi ni wọ́n ti béèrè gbogbo rẹ̀. Ti ọ̀gá àwọn olùkọ́ nìkan, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, jẹ́ ₦133,712 fún ọdún náà, láìtíì ka ìtanràn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àti èlé tí wọ́n gbé lé e lórí.

Ó dùn mí gan-an, mo sì bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí gbèsè ẹlòmíràn fi di tèmi. Ó ní òfin ti sọ agbanisíṣẹ́ di ẹni tí ń gba owó náà fún ìjọba, nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ó yọ tí kò yọ, òun ni yóò san án. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí tí mo fi pe àwọn olùkọ́ jọ pé kí wọ́n dá owó náà padà. Kò sí ẹni tí ó jiyàn nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní i lọ́wọ́. Owó ti bọ́ sínú owó ilé ìwé ọmọ, sínú oúnjẹ, sínú ìtọ́jú òbí tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tí ń gba ₦150,000 lóṣù lè fi nǹkan bí ẹgbàárùn-ún náírà sílẹ̀ lóṣooṣù tí a bá yọ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti rí ₦133,712 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí ọdún jẹ́ ohun tí apá rẹ̀ kò lè ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ọ́ ṣáájú, tí òfin sì fi pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ san ohun tí ó yọ fún ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá. Lórí fọ́ọ̀mù, PAYE ni wọ́n ń pe owó-orí tí a ń yọ ṣáájú bẹ́ẹ̀.

N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́ḿbà owó-orí, nítorí pé ìyẹn kò le rárá. Ìṣirò ni mo jókòó tì, pàápàá nítorí pé òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, tí òṣùwọ̀n àtijọ́ sì ti di ohun ìgbàgbé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé owó ọdún kan gbáko ni òfin ń wò, kì í ṣe owó oṣù. Ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n náà lé ₦150,000 ní tààrà yóò rò pé kò sí owó-orí kankan lórí rẹ̀, nítorí pé ₦800,000 àkọ́kọ́ ni a kì í gba nǹkan lórí rẹ̀. Mo fi ₦150,000 ṣe ìlọ́po méjìlá, ó di ₦1,800,000. Mo yọ owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá àwọn olùkọ́ ń dá, èyí tí ó jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦144,000, ó ku ₦1,656,000. Mo yọ ₦800,000 tí kò ní owó-orí, ó ku ₦856,000. ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé ₦800,000 yẹn ni a ń gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, kò sì sí olùkọ́ mi kankan tí owó rẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ₦856,000 jẹ́ ₦128,400 fún ọdún. Nígbà tí mo pín in sí ọ̀nà méjìlá, ó di ₦10,700 lóṣù. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é, láìsí akọ̀wé owó kankan, inú mi sì dùn púpọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ilé ṣì wà níwájú. Ìdẹ̀rùn tí òfin àtijọ́ ń fún gbogbo òṣìṣẹ́, ìyẹn ₦200,000 pẹ̀lú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ti lọ. Dípò rẹ̀, ẹni tí ó bá ń san owó ilé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan kúrò kí a tó ṣírò owó-orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó san gan-an. Ọ̀gá àwọn olùkọ́ ń san ₦400,000 lọ́dún, nítorí náà ₦80,000 ni ó tọ́ sí i.

Ìwé ni kò sí. Òun ni ó ń fi owó ránṣẹ́ láti inú àpò báǹkì rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀ ni onílé kọ sórí ríìsíìtì. Ó lọ bẹ bàbá onílé ní oṣù kìíní pé kí wọ́n kọ òmíràn, wọ́n kọ̀. Èmi náà bá a lọ ní oṣù kejì, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá ní, “Ọmọ mi, bí mo bá kọ ọ́ fún ìjọba, ṣé wọn kò ní wá bá èmi náà?” Ẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí, nítorí pé owó tí onílé ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé náà ní owó-orí tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó ń jìyà rẹ̀. N kò lè yọ ₦80,000 náà láìsí ẹ̀rí, nítorí pé bí wọ́n bá tún yẹ ìwé mi wò, ọrùn mi ni yóò tún já lé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yọ ₦10,700 lọ́wọ́ obìnrin tí mo mọ̀ dájú pé kò yẹ kí ó san tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó gbà wá ni ìwé báǹkì rẹ̀, tí ó fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó náà ti lọ sọ́dọ̀ bàbá, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n rí nínú àpótí ní oṣù kẹrin. Ká ní mo ti mọ̀, ìwé báǹkì ni mi ò bá kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ríìsíìtì.

Mo tún ìṣirò ṣe. ₦80,000 kúrò nínú ₦856,000, ó ku ₦776,000. Owó-orí ọdún rẹ̀ di ₦116,400, ìyẹn ₦9,700 lóṣù. Ní ìparí oṣù kẹrin, ₦38,800 ni ó yẹ kí ó ti san, ó sì ti san ₦32,100 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. ₦6,700 péré ni mo yọ ní oṣù náà, mo sì padà sí ₦9,700 láti oṣù karùn-ún. Báyìí ni ₦3,000 tí mo ti yọ kọjá ààlà ṣe padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Fún ọdún tí ń bọ̀, oṣù kejìlá ni n óò ti gba ìwé owó ilé lọ́wọ́ gbogbo wọn, n óò sì wo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀ kí n tó gbà á.

Ti ọdún 2025 ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀gá àwọn olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀wé sí mi pé òun yóò máa dá ₦5,000 padà lóṣooṣù nínú ₦133,712 tí mo san nítorí rẹ̀. Yóò gbà wá ní oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.