Bí mo ṣe tún àkópọ̀ fáìlì ẹ̀sùn kan ṣe

Òṣìṣẹ́ tó fẹ̀sùn kàn lórí owó iṣẹ́ àṣekún ní àkópọ̀ mi gbè sẹ́yìn máníjà. Ó dùn mí, àmọ́ nígbà tí mo tún un kà, òótọ́ ló sọ.

Mo ti kọ ọ́ pé “kò gbàṣẹ kó tó dúró ṣiṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ máníjà nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Mo yí i sí: “Máníjà sọ pé òun kò pàṣẹ, òṣìṣẹ́ sọ pé ẹnu ni wọ́n fi pàṣẹ fún òun.” Ìwé ẹnubodè fi hàn pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló jáde, kò fi hàn pé ẹnì kan ní kó dúró. Mo kọ méjèèjì.

Ọjọ́ ló burú jù. Ọjọ́ 10 ni òfin ilé iṣẹ́ fún ẹ̀sùn láti wọlé. Ìwé ìgbàlẹ́tà ní ọjọ́ kẹfà ni tirẹ̀ wọlé, àmọ́ ọjọ́ kejìlá tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ni mo kọ, ó wá dà bíi pé ó pẹ́. Mo fi ọjọ́ méjèèjì sí i, pẹ̀lú ojú ìwé tí mo ti rí wọn.

Ìpinnu, mo dà á kọ gẹ́lẹ́: kí wọ́n san owó náà. Wọn kò dárúkọ ẹlẹ́bi, èmi náà kò dárúkọ ẹnì kan.