Bí O Ṣe Lè Mọ Bí O Ṣe Ń Yára Tó Nínú Omi Tó Ń Ṣàn

Igi máńgòrò kan wà létí Odò Ògùn, nísàlẹ̀ Abẹ́òkúta, tí n kò lè gbàgbé. Mo ti bá omi lọ sísàlẹ̀ odò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ara mi fúyẹ́. Nígbà tí mo yí padà láti máa bọ̀, igi yẹn wà lápá ọ̀tún mi. Mo ń na ọwọ́, mo ń ta ẹsẹ̀, omi ń hó létí mi, mo sì gbà pé mò ń sáré. Ìgbà tí mo gbé orí sókè, igi ṣì wà lápá ọ̀tún mi. Apẹja kan tó ń tú àwọ̀n rẹ̀ ló kígbe látinú ọkọ̀: "Àbúrò, má bá a jà láàárín! Fà mọ́ bèbè, ibẹ̀ lomi ti rọ̀!"

Ara kì í mọ̀ pé omi tó gbé òun ń rìn. Ó dà bí ẹni tó ń rìn nínú ọkọ̀ ojú irin: bó bá kọjú síwájú, ìrìn rẹ̀ kún ti ọkọ̀, bó bá kọjú sẹ́yìn, ọkọ̀ ṣì ń gbé e lọ. Nítorí náà, kí o tó wọ odò, ìwọ̀n méjì ni kí o mú dání: eré tìrẹ, àti eré omi.

Wọn eré tìrẹ ná, nínú omi tí kò ṣàn. Wá adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó gùn tó mítà 25, kí o lọ kí o bọ̀ ní ìgbà mẹ́rin, ìyẹn 200 mítà. Má fi ẹsẹ̀ ti ògiri nígbà tí o bá ń yí padà, torí odò kò ní ògiri. Má sì sá eré àsápajúdé. Bí o ṣe máa wẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá jìn ni kí o ṣe é. Ká ní ó gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 250. Pín 200 mítà sí 250: sẹ̀ǹtímítà 80 lò ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Lẹ́yìn náà, wọn eré omi. Fi ẹsẹ̀ wọn 20 mítà létí odò, kí o ri igi kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti òmíràn níparí. Ju ọsàn tí a kò bó sínú odò, sókè díẹ̀ sí igi àkọ́kọ́. Ọsàn ni mo fẹ́ràn, nítorí èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ló máa ń rì sínú omi, afẹ́fẹ́ kò sì lè tì í kiri bó ṣe ń ti ike òfìfo. (Má bó o o; ọsàn tí a ti bó máa ń rì.) Ka àkókò tó fi ti igi kan dé èkejì. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín odò, kí o sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta nítòsí bèbè. Ká ní ọsàn gba ìṣẹ́jú-àáyá 40 láàárín: sẹ̀ǹtímítà 50 ni omi ń rìn níbẹ̀. Ká ní ó gba 100 nítòsí bèbè: 20 péré ni. Kò yani lẹ́nu, torí ilẹ̀ àti bèbè máa ń fa omi tó bá fara kàn wọ́n sẹ́yìn, àárín odò ló sì sábà máa ń yára jù.

Ó wá ku ìṣirò. Bí o bá ń bá omi lọ, ro méjèèjì pọ̀: 80 àti 50 jẹ́ 130. Bí o bá kọjú sí i, yọ eré omi kúrò: ó ku 30. Ká ní o fẹ́ lọ 200 mítà sísàlẹ̀ odò, kí o sì padà. Lílọ yóò gbà ọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 34. Bíbọ̀ yóò gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7. Àpapọ̀ rẹ̀ ju ìṣẹ́jú 13 àbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ nínú adágún, ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yóò gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí omi bá gbà ní bíbọ̀, ó ti san án ní lílọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àkókò tí omi fi ń tì ọ́ lọ kéré, èyí tó fi ń dá ọ dúró sì pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ apẹja yẹn ti wúlò nìyí. Bá àárín odò lọ, kí o sì gba ẹ̀gbẹ́ bèbè bọ̀. Níbẹ̀, 80 dín 20 jẹ́ 60, bíbọ̀ yóò sì gba ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 33. Bí o bá ro lílọ mọ́ ọn, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7, èyí tó yá ju ti adágún lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yẹ bèbè náà wò, torí igi tó wó sómi lè há ẹni mọ́lẹ̀.

Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lílọ sísàlẹ̀ mọ́. Òkè odò ni mo ń kọ́kọ́ kọjú sí nígbà tí agbára ṣì wà, kí omi lè gbé mi padà. Wo ìdí rẹ̀: ká ní o ti rẹ̀, eré rẹ wá lọ sílẹ̀ láti 80 sí 60. Ìdá kan nínú mẹ́rin eré rẹ lo pàdánù. Ṣùgbọ́n láàárín odò tó ń ṣàn ní 50, ìrìn rẹ já láti 30 sí 10, ìyẹn ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Bí o bá rí i pé eré omi níbi tí o fẹ́ gbà lọ sókè odò ti ju ìdajì tìrẹ lọ, má wọ̀ ọ́. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yan igi kan àti òkúta kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí bèbè: bí wọn kò bá yà kúrò lára wọn, o kò kúrò lójú kan. Fi ẹnì kan sórí ilẹ̀ tí yóò máa wò ọ́.

Ìwọ̀n àná kì í ṣe ti òní o. Òjò lè ti rọ̀ lókè odò láìkán níbi tí o wà, wọ́n sì máa ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí yóò wá ya wọ Odò Ògùn. Bí omi bá pọ́n, tí pàǹtí ń léfòó lórí rẹ̀, tún ọsàn jù.

Lójú òkun, ìṣirò kan náà ni, ṣùgbọ́n ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí ìgbì bá kó wá sí etíkun máa ń wá ọ̀nà tóóró padà sínú agbami. Ibẹ̀ lo máa rí i tí ìgbì kò fi bẹ́ẹ̀ fọ́, tó dà bí ẹni pé ó pa rọ́rọ́, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60 ni omi yẹn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ó lè ju 200 lọ. Ní ọdún 2009, César Cielo ará Brazil wẹ 50 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 20.91, ìyẹn bíi 239, nínú adágún, fún 50 mítà péré. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dojú kọ omi tó ń fa 200, díẹ̀ ni yóò kù fún un. Ìwọ tó ń wẹ 80, ẹ̀yìn ni yóò máa gbé ọ lọ.

Má ṣe kọjú sí etíkun nígbà náà. Yà sí ẹ̀gbẹ́, kí o máa wẹ̀ lọ gbọọrọ ní ìbú etíkun, títí wàá fi rí i pé ìgbì ń fọ́ yí ọ ká. Lẹ́bàá òkun Èkó, ìwọ̀-oòrùn ni omi ẹ̀gbẹ́ etíkun sábà máa ń ti ṣàn wá sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ìlà-oòrùn ló sábà máa ń rọrùn láti yà sí. Bí agbára kò bá sí, dojú sókè kí o léfòó, gbé ọwọ́ kan sókè, kí o sì jẹ́ kí omi gbé ọ títí yóò fi rọ̀. Ìgbì ni kí o jẹ́ kó gbé ọ wọlé lẹ́yìn náà, ní ìdaagun, kúrò níbi tí omi tóóró yẹn wà.