Ìlẹ̀kẹ̀ onígi tó ti ṣá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ má tíì da ìlẹ̀kẹ̀ onígi yín tó ti ṣá nù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún èyí tí ìyá mi ń wọ̀ lọ sóde l'Adó-Èkìtì ṣe. Mo tú u kúrò lókùn, mo fọ̀ ọ́, ó gbẹ dáadáa, mo wá fi sáńpépà kíkúnná ha ojú rẹ̀, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó ń dán. Igi ìtayín ni mo kì bọ ihò rẹ̀ kí n tó kùn ún, kí ọ̀dà má bàa dí i. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì; èyí tí mo kọ́kọ́ kùn nípọn ṣàn, ó sì lẹ̀ mọ́ra wọn.

Mo ra ìlẹ̀kẹ̀ wúrà kéékèèké l'ọ́jà Ọba, mo ń sín ẹyọ kan lẹ́yìn onígi mẹ́ta-mẹ́ta títí ó fi yípo, mo sì fi méjì sí yẹtí mi. Bí ẹ bá kó tuntun jọ sójú kan, àbùlẹ̀ ni yóò jọ. Ẹ kọ́kọ́ tò ó sórí táwẹ̀lì wò. Okùn ìpẹja ni kẹ́ẹ fi sín in, òwú ìránṣọ máa ń já.

Iyùn gidi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, okùn rẹ̀ nìkan ni kẹ́ẹ pààrọ̀, ẹ má kùn ún.