Bí ìwé ìhágún ṣe ń múlẹ̀ ní Kétu, àti bí wọ́n ṣe ń pín ogún ẹni tí kò kọ ìkankan

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan ní Kétu. Ó kọ́lé bíríkì sí àdúgbò tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ó sì fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ oko sẹ́yìn ìlú. Ìyàwó tí wọ́n jọ fọwọ́ síwèé ní mẹ́rì ti kú, ọmọ mẹ́rin ló bí fún un. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni bàbá fẹ́ ìyá mìíràn: wọ́n ṣe ìdána, wọ́n gbé ìyàwó, ẹbí jẹ, ẹbí mu, ṣùgbọ́n wọn ò dé mẹ́rì. Ìyá yìí bí ọmọ kan ṣoṣo, bàbá sì fi orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìbí ọmọ náà. Ká sọ pé ilé àti oko yẹn jọ tó mílíọ̀nù 15 fáráǹ sẹ́fà. Ẹbí yìí la ó fi ṣe ìṣirò wa.

Bí bàbá ò bá kọ nǹkan kan

Bí àgbààgbà ẹbí bá jókòó, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ gbà lérò ni ìdí igi. Ìyá méjì ló bímọ, nítorí náà ọ̀nà méjì ni ogún ó pín sí. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá kejì bí á gba mílíọ̀nù méje àbọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yòókù á sì jọ pín mílíọ̀nù méje àbọ̀ tó kù: 1.875.000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí àbúrò bàbá ò bá tilẹ̀ tíì sọ pé òun lòun ń gbé ilé.

Orí ò jorí ni òfin ń kà. Òfin ẹni àti ìdílé ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó jáde lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ pé àwọn ọmọ ń jogún bàbá àti ìyá wọn láìwo ọkùnrin tàbí obìnrin, láìwo àkọ́bí tàbí àbíkẹ́yìn, bí ìyá wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Nínú ẹbí tiwa yìí, ọmọ márùn-ún ló wà, mílíọ̀nù mẹ́ta mẹ́ta ló kan oníkálùkù wọn. Ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ní Pọ́bẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ ìyá kejì náà sì wà nínú wọn. Àbúrò bàbá kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà láyé, ogún kì í fò wọ́n lọ sọ́dọ̀ àbúrò. Òfin kan náà ló sọ pé àṣà kò ní agbára òfin mọ́ lórí ohun tí òun bá ti sọ̀rọ̀ lé. Ẹbí ṣì lè fẹ́ ìdí igi, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo bá kọ̀, tó sì gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ á da ìdí igi nù.

Ìyá kejì wá ńkọ́? Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe níwájú òṣìṣẹ́ mẹ́rì nìkan ni òfin mọ̀, nítorí náà lójú òfin, kì í ṣe opó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló tọ́jú bàbá títí tó fi kú. Kò ní ìpín nínú ogún. Ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà, bíi ẹ̀rọ ìlọgi, aṣọ, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó o mọ́ ogún, pàápàá bó bá tọ́jú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n yàrá tó ń sùn di ti ọmọ márùn-ún. Bó bá ṣe pé wọ́n ti dé mẹ́rì ni, òfin ì bá ti yọ ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ tó pín ìyókù.

Nítorí ìyá yìí gan-an ni bàbá fi yẹ kó kọ̀wé.

Bí ìwé náà ṣe ń múlẹ̀

Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, ọ̀nà tó rọrùn jù ni ìwé àfọwọ́kọ. Ohun mẹ́ta péré ni òfin ń béèrè: kí ọwọ́ ẹni tó ń hágún kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọjọ́ tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Kò nílò ẹlẹ́rìí, kò nílò òǹtẹ̀. Nítorí pé ó rọrùn báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń bà á jẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé bàbá á pe ọmọ rẹ̀ tó mọ kọ̀ǹpútà, á máa sọ, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá á fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí mẹ́ta á sì fọwọ́ sí i tẹ̀lé e. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àfọwọ́kọ, torí ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Bákan náà ni bí ọmọ bá fi bírò bá bàbá kọ ọ́, tí bàbá kàn fọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, bí ẹni pé wọn ò kọ ọ́ ni.

Ọjọ́ ló tún máa ń bọ́ sọnù. "Oṣù kẹta ọdún 2024" kò tó, kí ọjọ́, oṣù àti ọdún pé ni. Ìdí rẹ̀ ni pé èèyàn lè yí ìwé rẹ̀ padà nígbà tó bá wù ú títí ọjọ́ ikú, èyí tó kọ kẹ́yìn ló sì ń borí. Bí ìwé méjì bá jáde tí ọ̀kan ò ní ọjọ́, báwo ni adájọ́ á ṣe mọ èyí tó kẹ́yìn? Bí bàbá bá sì fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà, kó má ṣe fa ọ̀rọ̀ yọ kó wá kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó mú tákàdá tuntun ni, kó kọ gbolohun kan sókè rẹ̀ pé òun fagi lé ti tẹ́lẹ̀.

Tọkọtaya tó bá fẹ́ hágún, kí oníkálùkù kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé ìhágún kan ṣoṣo tí ẹni méjì jọ fọwọ́ sí kò dúró.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó lọ sọ́dọ̀ nọ́tẹ́ẹ̀rì, òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti ṣe ìwé tó ní èdìdì. Bàbá á fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, nọ́tẹ́ẹ̀rì á kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, á kà á padà fún un, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Ó ń náni lówó, ṣùgbọ́n irú ìwé yìí ló le jù láti dà nù, kì í sì í sọnù nínú àpótí. Èmi ò rí i kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ náà máa fi tirẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kó kọ ọ́ tán, kó gbé e lọ fún nọ́tẹ́ẹ̀rì kó bá a tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí bàbá lè kọ sínú rẹ̀

Kò lè fi gbogbo nǹkan fún ẹni tó wù ú. Òfin ti ya apá kan ogún sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, ọwọ́ ìwé ìhágún kò tó o. Apá tó kù ni bàbá lè ṣe bó ṣe fẹ́. Nítorí náà bó bá kọ ọ́ pé ìyá kejì ni kó ni gbogbo ilé, ìwé náà kò ní ṣòfò pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ lè ní kí ilé ẹjọ́ gé e kù títí yóò fi wọ inú apá tí òfin gbà. Ohun tó gbọ́n ni kó fún ìyá náà ní ohun tí kò pọ̀ jù, bíi ẹ̀tọ́ láti máa gbé yàrá méjì títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kó sì bi nọ́tẹ́ẹ̀rì bóyá ó wọ inú ìdíwọ̀n.

Ilẹ̀ ìdílé tún wà. Bàbá ń dáko lórí ilẹ̀ tí bàbá ńlá wọn tẹ̀dó sí, ó ti ṣe é títí ó fi ń pè é ní tèmi. Kò lè há a. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ló lè kọ sínú ìwé, ìyẹn ilé tó kọ́ àti oko tó rà. Kó kọ wọ́n kedere: ibi tí wọ́n wà, ẹni tí wọ́n bá pààlà, nọ́ńbà títìrì fọ́nsíyè bó bá ti gbà á.

Lẹ́yìn tí bàbá bá kú

Mẹ́rì ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, láti forúkọ ikú sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ikú. Láìsí i, ilẹ̀kùn kankan ò ní ṣí. Bí ẹ bá rí ìwé ìhágún nínú ẹrù bàbá, ẹ má kọ nǹkan kan sí i, ẹ gbé e tọ nọ́tẹ́ẹ̀rì bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìpàdé ẹbí. Iṣẹ́ ìpàdé yìí nínú òfin kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò ó: kì í ṣe òun ló ń yan ẹni tí yóò jogún, òfin ti yàn wọ́n. Ìpàdé ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni, ó sì ń dábàá ẹni tí yóò máa bójú tó ogún títí wọn yóò fi pín in. Alábòójútó yìí kì í ṣe olówó ogún. Ìwé ìpàdé náà á wá lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ fi àṣẹ sí i. Fún àwa ará Kétu, ilé ẹjọ́ Pọ́bẹ̀ ni.

Ibí yìí ni ìwé ti ń jókòó fún oṣù púpọ̀, ohun kékeré ló sì sábà ń fà á. Wọ́n kọ orúkọ bàbá ní ọ̀nà kan nínú ìwé ẹ̀rí ikú, ọ̀nà mìíràn ló wà nínú ìwé ìbí àkọ́bí, ẹ̀kẹta ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Ọmọ kan ò sì ní ìwé ìbí rárá, ó ní láti gba ìdájọ́ tí yóò dípò rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé ìbí jọ sórí tábìlì kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo orúkọ lẹ́tà kan sí ìkejì. Bí ìpàdé bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fo ọmọ kan, bóyá ti ìyá kejì, ọmọ náà lè gbé ìwé ìbí rẹ̀ lọ bá adájọ́, gbogbo iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Títí ogún yóò fi pín, gbogbo ọmọ ló jọ ni ín. Kò sí ẹnì kan, ì báà jẹ́ àkọ́bí, ì báà jẹ́ alábòójútó, tó lè dá tà á láìjẹ́ pé gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó ní kí wọ́n fi ìwé tí adájọ́ fi àṣẹ sí hàn án, kó ka orúkọ inú rẹ̀, kó sì ka àwọn tó wá fọwọ́ síwèé níwájú rẹ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ márùn-ún tí ọwọ́ sì jẹ́ mẹ́rin, kó gbé owó rẹ̀ padà sílé.

Gbèsè bàbá ni wọ́n ń san ṣáájú. Ìyókù ni wọ́n ń pín. Bí gbogbo ọmọ bá ti dàgbà tí wọ́n sì ṣọ̀kan, nọ́tẹ́ẹ̀rì lè ṣe ìwé ìpín fún wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tíì pé ọdún 18, tàbí tí wọn ò fohùn ṣọ̀kan, iwájú adájọ́ ló ń lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi ipá mú dúró nínú ogún àìpín, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo tó bá fẹ́ ìpín tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà. Ilé kan ṣoṣo kì í ṣeé gé sọ́nà márùn-ún. Ọmọ kan lè gba ilé kó san mílíọ̀nù mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kò gba ilẹ̀, tàbí kí wọ́n jọ tà á.

Nígbà tí ìpín bá parí, ọ́fíìsì ilẹ̀ ló kù, láti fi orúkọ ẹni tó jogún rọ́pò orúkọ bàbá lórí títìrì fọ́nsíyè. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í dé ibẹ̀. Orúkọ olóògbé á wà lórí ilẹ̀, àwọn ọmọ náà á tún kú, àwọn ọmọ-ọmọ á wá di ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn yóò máa wá ìwé ìbí wọn kiri láti Kétu dé Èkó.